Bí Ẹ̀dínwó Ṣe Ná Ìjókòó Iwájú Bàálù

Obìnrin télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀dínwó. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ ò sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti di ti inú ìwé nìkan. Ẹ̀dínwó ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, Ẹ̀dínwó ni àwọn tó ń gbé aṣọ wá rán ń pè é, àwọn tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún un náà ò sì mọ̀ ọ́n sí nǹkan mìíràn. Bó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ẹni tó ń ta síìpù á ti máa sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Múra o, ìyà ti ń bọ̀."

Bó ṣe máa ń ná ọjà nìyí. Á kọ́kọ́ gbé ọjà náà, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé ó rí kòkòrò lára rẹ̀. Á béèrè iye tó jẹ́. Wọ́n á dá a lóhùn. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wá pe iye kan tó kéré débi pé ọlọ́jà á gbàgbé ohun tó ń jẹ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé báàgì kọ́ èjìká, á kẹ̀yìn sí wọn, á máa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá, kì í sì í falẹ̀, kò sì ní wo ẹ̀yìn. Kó tó gbé ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, wọ́n á ti máa pariwo: "Mà, ẹ wá! Ẹ wá mú un, ẹ má bínú!" Láti ogójì ọdún tó ti ń rán aṣọ, kò sí ìgbà tí wọn ò pè é padà, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọ̀fìnkìn ti gba ohùn lọ́wọ́ ọlọ́jà náà, ó sì ń juwọ́ títí apá fi ń ro ó.

Ọkọ rẹ̀, dírẹ́bà ni. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ǹtì ló fi ọgbọ̀n ọdún wà kó tó fẹ̀yìn tì, Dírẹ́bà náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń wà báyìí ò ju àga onítìmùtìmù inú pálọ̀ lọ. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yẹn, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lójoojúmọ́, ló ba eékún òsì rẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà là á, wọ́n ki irin sí i, wọ́n rán an padà. Ẹ̀dínwó wo ojú ọgbẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì rẹ̀, ó ní ẹni tó rán an kò mọ ìránṣọ. Eékún náà gbé ọkùnrin yìí rìn dáadáa tó bá ti ń nà án. Bó bá ká a pẹ́ jù, wàhálà dé nìyẹn.

Wọ́n ti rí wàhálà náà rí. Ọ̀rẹ́ Dírẹ́bà kan kọ́lé, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wákàtí márùn-ún lọ kí i. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, eékún ti wú bí búrẹ́dì tó wà nínú ààrò. Àwọn ọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan mú apá, ọ̀kan mú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń já kọ́bọ́ọ̀dù nínú ọkọ̀. Ó lo ọjọ́ méje lórí ibùsùn olóríire náà. Ojú tì í, kò sì gbàgbé.

Ìdí nìyí tí ayọ̀ fi dín kù díẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ wọn obìnrin pè láti òkè òkun pé òun ti bímọ. Ọmọbìnrin ni, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́. Ọmọ yìí ti fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì ránṣẹ́, kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wákàtí mẹ́sàn-án gbáko sì ni bàálù yóò fi wà lófuurufú.

"Wákàtí mẹ́sàn-án," Dírẹ́bà ní. Ó wo eékún rẹ̀ bí ẹni ń wo táyà tó ti jó. "Ẹ̀dínwó, ìwọ máa lọ. Kí ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi."

"Kí n máa lọ síbo? Èmi nìkan?"

"Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi kọ́kọ́ rí mi bí ẹrù tí wọ́n ń gbé."

"Ẹ ó lọ," Ẹ̀dínwó wí. "Ẹ ó sì rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà fúnra yín. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé òun ò tíì mọ ọ̀nà tí òun máa gbé e gbà.

*

Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, obìnrin kan tó tó ọmọ ogójì ọdún ni, ejẹ́ńtì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àga méjì, fáànù tó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé, àti bàálù oníke kan tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ apá rẹ̀ kan. Orí ni ejẹ́ńtì máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sí, á wá máa wá a kiri tábìlì.

Ẹ̀dínwó ti bi í léèrè gbogbo ohun tó ṣeé béèrè. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì ńkọ́, tí àyè ẹsẹ̀ wà níbẹ̀? Ejẹ́ńtì ní wọn kì í fi ẹni tó ń tiro síbẹ̀, torí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló máa bá wọn ṣí ilẹ̀kùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ìjókòó yòókù tó láyè ńkọ́? Wọ́n ti tà wọ́n tán. Ti iwájú ńkọ́, bísínẹ́ẹ̀sì, tí àga rẹ̀ ń tẹ́ bí ibùsùn? Ejẹ́ńtì pe iye rẹ̀. Ẹ̀dínwó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì lọ sílé. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ò lè ra ọ̀kan.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n gbéra, ejẹ́ńtì pè é lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ sáré wá. Iléeṣẹ́ bàálù ti kọ̀wé sí mi nítorí yín."

Nígbà tí Ẹ̀dínwó dé, ejẹ́ńtì yí kọ̀ǹpútà sí i. "Wọ́n ní bí ẹ bá fẹ́ kúrò lẹ́yìn lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì, kí ẹ fúnra yín sọ iye tí ẹ máa fi lé ohun tí ẹ ti san. Bí iye yẹn bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé yín lọ síwájú. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ìjókòó tí ẹ ti rà kò lọ ibì kankan, wọn ò sì ní yọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀dínwó rọra jókòó. "Dúró ná. Èmi ni kí n pe iye?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi Ẹ̀dínwó? Àwọn ni wọ́n ní kí n pè é?"

Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹja wá díje nínú omi, bí inú ẹja náà ṣe máa dùn nìyẹn.

Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí ejẹ́ńtì lè fà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Òpin rẹ̀ lósì jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, òpin rẹ̀ lọ́tùn-ún jẹ́ ẹgbẹ̀fà. Lókè ìlà náà ni abẹ́rẹ́ kan wà bíi ti iwájú dírẹ́bà nínú mọ́tò: apá kan pupa, apá kan jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, apá kan jẹ́ àwọ̀ ewé.

"Fà á sósì pátápátá," Ẹ̀dínwó wí.

"Mọ́mì, ó ti pupa o. Pupa túmọ̀ sí pé ó ṣòro kí wọ́n gbà á."

"Jẹ́ kó pupa! Ta ló máa ń fi iye tó fẹ́ san bẹ̀rẹ̀? Èmi á sọ tèmi, àwọn náà á sọ tiwọn, a ó pàdé lágbedeméjì."

"Wọn ò ní sọ tiwọn, mà. Èyí kì í ṣe irú ọjà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Wọ́n á pè."

"Kọ̀ǹpútà ni, Mọ́mì. Kò ní ẹnu."

"Gbogbo ẹni tó ń tajà ló ní ẹnu, ọmọ mi. Ìwọ kọ́kọ́ fi síbẹ̀ ná."

Ejẹ́ńtì wá awò ojú rẹ̀ lórí tábìlì, ó rí i ní àtàrí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé kínníkínní. Iye tí wọ́n ń pè, orí èèyàn kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe fún àwọn méjèèjì pọ̀. Báǹkì kò ní yọ ọ́ àfi bí iléeṣẹ́ bàálù bá gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà, kò sí pé èèyàn yí ọkàn padà. Àyè wà láti fi kún un tàbí láti fagi lé e títí di ọjọ́ méjì kí bàálù tó gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn ti tì.

"Ṣé wọ́n máa gbà?" Ẹ̀dínwó béèrè. "Sọ òótọ́ fún mi."

"Wọ́n á dúró kí ọjọ́ kù díẹ̀, wọ́n á wo iye ìjókòó iwájú tí wọn ò rí tà. Wọ́n á wá to gbogbo àwọn tó pe iye, ẹni tó pè é jù lókè. Àwọn tó máa ń bá wọn fò dáadáa, wọ́n lè fi wọ́n ṣáájú. Bí ìjókòó bá tán kó tó kàn yín, ó tán nìyẹn."

"Mélòó ló ṣófo báyìí?"

Ejẹ́ńtì ṣí àwòrán inú bàálù. Ó kà á. "Mẹ́wàá ni mo rí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Ẹlòmíì ti sanwó, kò kàn tíì mú àga ni. Abẹ́rẹ́ yìí náà, ó kàn ń fojú díwọ̀n ni. Mo ti rí ẹni tó wà ní àwọ̀ ewé tí wọn ò mú, mo sì ti rí ẹni tó pupa tí wọ́n mú, torí bàálù ọjọ́ yẹn ṣófo. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n dájú, irọ́ ló ń pa."

"Mẹ́wàá," Ẹ̀dínwó wí. Ọ̀rọ̀ yòókù kò wọ̀ ọ́ létí. Ọlọ́jà tí ọjà mẹ́wàá bá kù sí lọ́rùn, ó dájú pé yóò pèèyàn padà.

Wọ́n fi ọ̀ọ́dúnrún sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú káàdì báǹkì rẹ̀ jáde láti inú aṣọ ìnujú tó fi wé e. Owó tó tó ẹgbẹ̀rin dọ́là géérégé ló kù nínú rẹ̀, owó yúnífọ́ọ̀mù tó ti rán láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

*

Ẹ̀dínwó wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìpè. Fóònù rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ó tún gèlè ṣe, ó gbé e.

"Ẹ̀dínwó nìyí. Ó yá, ẹ sọ tiyín."

Ẹni òdìkejì ní, "Mà... tèmi kẹ̀?"

"Ẹ má tijú. Mo ti sọ tèmi. Iye yín gangan dà?"

"Mà, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n san ìdajì ṣáájú. Yẹ̀rì ọmọ mi ni mo ní kí n béèrè bóyá ó ti tán."

Dírẹ́bà tó wà lórí àga rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìdí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fi ń lu ilẹ̀. "Ṣé wọ́n ti ta bàálù fún ọ àbí yẹ̀rì?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á pè."

"Abẹ́rẹ́ yẹn, o ní ó pupa?"

"Ó pupa díẹ̀."

"Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wà, geéjì epo rẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi ní kò sí nǹkan. Inú igbó la sùn." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Má ṣe ìyọnu mọ́, Ẹ̀dínwó. Mo ní kí o máa lọ."

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn ún, torí kò fi ẹ̀rín sí i. Ó rí i pé ọkọ òun kò tíì fọwọ́ kan báàgì ìrìn àjò rẹ̀. Tòun ti kún. Tirẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ń bẹ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọjọ́ mẹ́fà kọjá. Kò sẹ́ni tó pè.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, Ẹ̀dínwó pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, ó gba ọ̀dọ̀ ejẹ́ńtì lọ. Kò kí fáànù, kò kí bàálù oníke. "Wo àwòrán yẹn fún mi."

Ejẹ́ńtì wò ó. "Mọ́mì, ó ku mẹ́rin."

"Mẹ́wàá tó wà lọ́jọ́sí ló di mẹ́rin?"

"Àwọn tó ń rà á ní iye gidi ń rà á. Kò sẹ́ni tó ń dúró de yín."

Ẹ̀dínwó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. Ṣé ẹ rí i, láti ogójì ọdún tó ti ń kẹ̀yìn sí ọlọ́jà, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Fi gbogbo rẹ̀ sí i. Irínwó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ejẹ́ńtì fà á. Abẹ́rẹ́ náà gbéra lórí pupa, ó yọ́ wọ àwọ̀ ìyeyè, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé.

"Kò ṣe dáadáa sí i?"

"Ó ṣe dáadáa díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó ń kọ mí lóminú." Ejẹ́ńtì fi ìka kan àwòrán náà. "Inú ìwé kan ṣoṣo lẹ̀yin àti Dádì wà. Bí wọ́n bá máa gbé yín, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa gbé pọ̀, wọn kì í mú ọ̀kan kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ náà tó jẹ́ àyè kan péré ló ṣẹ́ kù, wọ́n á fo yín kọjá, wọ́n á fún ẹni tó dá rìn, kódà bí iye tó pè ò bá tó tiyín."

Ẹ̀dínwó wo àwòrán náà. Ó wo abẹ́rẹ́. Ó wo bó ṣe jẹ́ pé òun ti ń fa aṣọ ẹni kan na ènìyàn méjì láti ọjọ́ yìí wá. "Ta ni eékún ń dùn?" ó bi ara rẹ̀ sókè.

"Dádì ni, mà."

"Nígbà náà, gé e. Gé ìwé náà sí méjì. Kí ti Dírẹ́bà dá wà, kí tèmi dá wà, kí o kó gbogbo owó náà lé orí tirẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ti rà á, mo lè pín in. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gé e, kò ṣeé rán padà o. Iye tí a ti pè tẹ́lẹ̀ máa lọ, a ó pe tuntun. Bí wọ́n bá sì yí bàálù kan padà, wọn ò ní mọ̀ pé tọkọtaya ni yín, àfi kí n kọ ọ́ síbẹ̀ fún wọn. Ẹ lọ bi Dádì. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ilẹ̀kùn tó tì."

*

Dírẹ́bà kọ̀ jálẹ̀.

"Kí n máa na ẹsẹ̀ níwájú, kí ìyàwó mi máa ká eékún lẹ́yìn? Kí n máa jẹun nínú àwo tánganran, kí o máa jẹ nínú ike? Ẹ̀dínwó, o rí mi fín."

"Ẹsẹ̀ tèmi dára."

"Mi ò lọ, ká má fọ̀rọ̀ gùn."

Ó yẹ kí ẹ rí Ẹ̀dínwó ní àkókò yẹn. Ó gbé àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó jókòó, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó wò ó bó ṣe máa ń wo òwú tí wọ́n ń pè ní iye tó ga jù.

"Ó dáa," ó ní. "Kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ká fagi lé méjèèjì. Ọmọ náà á dàgbà, á wá kí wa nígbà tó bá fẹ́ lọ́kọ."

Dírẹ́bà dìde díẹ̀ lórí ìjókòó. "Ta ló ní kó dà bẹ́ẹ̀? Ìwọ lọ."

"Mi ò lọ láìsí yín. Ìyẹn ni iye tèmi."

Dírẹ́bà ní, "Ká pín in. Èmi wákàtí kan níwájú, ìwọ wákàtí kan."

"Wọn kì í gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti béèrè."

"Kí n lọ síwájú, kí n sì máa wá wò ọ́ lẹ́yìn. Ní wákàtí-wákàtí."

"Ìgbà mẹ́sàn-án? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀gá ọkọ̀ ni yín? Ẹ̀ẹ̀kan."

"Mẹ́fà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì, torí dókítà ní kí ẹ máa rìn."

"Mẹ́rin."

Ẹ̀dínwó dìde, ó fa àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó sì ń lọ sí ilé ìdáná. Kò wo ẹ̀yìn.

"Ó dáa, ó dáa! Wá!" Dírẹ́bà pariwo. "Ẹ̀ẹ̀mẹta!"

Ó yí padà. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ nìkan ló nà sí i, wọ́n sì bọ̀ ọ́ bí àwọn tó ti ra ọjà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, báàgì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, Dírẹ́bà sì ń béèrè ibi tí ṣòkòtò rẹ̀ tó dáa wà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ló jọ dé ṣọ́ọ̀bù ejẹ́ńtì. Dírẹ́bà ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí geéjì náà. Ejẹ́ńtì gé ìwé náà sí méjì, ó kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pé tọkọtaya ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ṣí ti Dírẹ́bà, ó fi ìka lé ìlà.

"Máa lọ," Ẹ̀dínwó wí. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Máa lọ. Ẹgbẹ̀ta. Máa lọ."

Abẹ́rẹ́ náà kúrò ní ìyeyè, ó wọ ewé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ejẹ́ńtì dúró.

"Fi mẹ́wàá lé e," Ẹ̀dínwó wí.

"Kí ni mẹ́wàá fẹ́ ṣe?" Dírẹ́bà béèrè.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni ibi tí gbogbo èèyàn máa dúró. Mo mọ àwọn èèyàn. Iye tó bá rẹwà lẹ́nu ni wọ́n máa ń pè. Jẹ́ kí mẹ́wàá fi wá ṣáájú wọn."

Ejẹ́ńtì fi mẹ́wàá lé e. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó ní, "Mọ́mì, mi ò ṣèlérí o. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, kò dájú."

"Mo gbọ́," Ẹ̀dínwó wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ lóòótọ́.

*

Ọ̀la ni wọ́n máa gbéra nígbà tí fóònù Ẹ̀dínwó dún pín-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kì í ṣe ìpè. Báǹkì ni. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó kà á ní lẹ́tà-lẹ́tà. Wọ́n ti yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́wàá.

Ó fò sókè, kẹ̀kẹ́ òwú sì yí lọ sábẹ́ tábìlì. "Wọ́n ti yọ ọ́! Dírẹ́bà! Wọ́n ti yọ owó mi!"

Aládùúgbò kan tó ń kọjá sáré wọlé. "Àwọn olè wo? Ẹ pe báǹkì kíákíá!"

"Olè kọ́! Wọ́n ti yọ ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́!" Ó sì ń jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì sí owó tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ tó jó tẹ̀ lé. Aládùúgbò náà wò ó, ó wo Dírẹ́bà tó ń pàtẹ́wọ́ lórí àga, ó sì rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde. Kò pẹ́ tí ejẹ́ńtì fi sáré dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti awò lórí. Iléeṣẹ́ bàálù ti kọ̀wé: wọ́n gbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni bàálù gbéra. Wọ́n darí Dírẹ́bà sọ́wọ́ òsì, lápá iwájú, wọ́n darí Ẹ̀dínwó sọ́wọ́ ọ̀tún, lápá ẹ̀yìn, ìjókòó àárín, láàárín ọkùnrin kan tó ń hanrun àti ìyá kan tí apá rẹ̀ fẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé oúnjẹ lọ tán ló rí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láàárín ìjókòó, ọ̀pá lọ́wọ́, sọ́kì àwọn ará iwájú lẹ́sẹ̀, ó ń kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì.

"Àga mi tẹ́ pẹrẹsẹ," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo ìlà mẹ́ta gbọ́. "Wọ́n fún mi ní aṣọ gbígbóná. Gbà." Ó fi búrẹ́dì róbótó kan àti ṣokoléètì méjì lé e lọ́wọ́.

"Eékún ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé wàràkàṣì wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dé lọ́wọ́ òfo, ó sì ń fi ọ̀pá gún kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ni. Òun náà pe iye ni, bíi tiwa."

"Èló?"

"Jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin bàbá yìí, èló ni?"

Dírẹ́bà wo òrùlé bàálù. "Ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì."

Ẹ̀dínwó di ọwọ́ ìjókòó mú. "Ẹgbẹ̀ta ó lé... Ìjókòó kan náà?"

"Kan náà."

"Àádọ́rin! Mo fi àádọ́rin lé e! Ẹ lọ sọ fún un kó..." Ó rí i pé ọkùnrin tó ń hanrun ti jí, ìyá alápá fífẹ̀ sì ti tẹ́tí. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, bó ṣe gùn gbọọrọ nínú sọ́kì, tí kò wú, tí kò gbọ̀n. "Ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀?"

"Kò sí ẹyọ kan. Ó kún fọ́fọ́."

"Ká fi sílẹ̀, nígbà náà. Ẹ padà lọ na ẹsẹ̀ yín. Ẹ gbọ́dọ̀ nà án tó àádọ́rin yẹn kí bàálù tó balẹ̀."

Nígbà tí bàálù balẹ̀, ọkùnrin kan ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, torí ọmọ wọn ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi gbé bàbá òun. Dírẹ́bà kí i dáadáa, ó bọ́ báàgì lọ́rùn ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé báàgì náà jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ̀nà. Ọ̀nà náà gùn, ó mọ́ bí àwo, wọ́n fi gíláàsì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀dínwó ń tiro lẹ́yìn rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ti kú tipiri, ẹ̀yìn ń ro ó, ẹnu rẹ̀ ò sì pàdé fún ẹ̀rín.

Níbi irin ìdènà tí àwọn èèyàn ti ń dúró de ara wọn, ọmọ wọn ń na ọrùn, ó ń wá ẹni tí wọ́n máa tì wá. Ó wo ìsàlẹ̀, ní ibi gíga kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ̀ ti dé iwájú rẹ̀ kó tó gbé ojú sókè.

"Bàbá! Ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ rìn yìí?"

"Gbé e wá," Dírẹ́bà wí.

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, ó sì na apá. Wọ́n gbé ìkókó náà lé e lọ́wọ́. Ó la ojú kan, ó wò ó, ó yán. Ẹ̀dínwó fi ara ti ọ̀pá náà, ó bọ́ bàtà kan, ó sì ń fa apá ọkọ rẹ̀: "Ó tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí èmi náà rí i."